Wàrà tí mo rà ní Aràdá: ṣé aboyún lè jẹ ẹ́?

Àdùnní_Aràdá
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin àgbà. Oyún mi ti wọ oṣù karùn-ún. Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá mo ra wàrà lọ́wọ́ ìyá Fúlàní kan ní ọjà Aràdá. Mo jẹ ẹyọ méjì nínú rẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìdín in, mo sì kó ìyókù sínú fíríìjì. Ọ̀rẹ́ mi tó wà nílùú òyìnbó ní wọ́n kìlọ̀ fún òun pé aboyún kò gbọdọ̀ fẹnu kan àwọn wàràkàṣì kan nítorí kòkòrò tó ń jẹ́ lìsítéríà. Ṣé ọ̀rọ̀ náà kan wàrà tiwa? Kí ni kí n ṣe sí èyí tó wà nílẹ̀, kí sì ni kí n ṣe nípa èyí tí mo ti jẹ?

Ìyá_Oníwàrà_Wàásó
Ọmọ mi, fọkàn balẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ta wàrà díndín, gáà ni mo ti ń lọ gbà á, ojú mi ni wọ́n sì ti ń ṣe é. Orí iná ni wàrà ti ń wá. Wọn á gbé mílíìkì kaná, bó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọn á gún ewé bómubómu, wọn á sẹ́ omi rẹ̀ sí i, wọn á wá koná mọ́ ọn títí á fi hó, tí á dì, tí omi rẹ̀ á yọ sọ́tọ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n á tó bù ú sínú ajere kékeré kí omi ara rẹ̀ lè ro dànù. Kòkòrò wo ló fẹ́ yè nínú ohun tó hó tó bẹ́ẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi iyọ̀ sí i. Èmi náà lóyún, mo jẹ wàrà, àwọn ọmọ mi wà láàyè.

Bàbá_Táyé
Mo fara mọ́ ohun tí Màmá sọ. Ohun kan tí mo fẹ́ fi kún un ni pé níwọ̀n ìgbà tó ti sùn nínú fíríìjì, kòkòrò yòówù tó bá wà lára rẹ̀ ti kú. Bí ẹ̀rù bá ṣì ń bà yín, ẹ jù ú sínú fìrísà kó dì gbagidi di ọjọ́ kejì. Òtútù kì í fi kòkòrò sílẹ̀.

Àǹtí_Agbẹ̀bí
Ẹ kú àárọ̀ gbogbo ilé. Iṣẹ́ agbẹ̀bí ni mò ń ṣe níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Táyé, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ fíríìjì yẹn wọ aboyún kankan létí. Ohun tó mú kí lìsítéríà burú ju ọ̀pọ̀ kòkòrò inú oúnjẹ lọ nìyẹn gan-an: òtútù fíríìjì kì í dá a dúró. Díẹ̀díẹ̀ ló ń pọ̀ sí i níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń pọ̀ sí i. Nínú fìrísà, kì í pọ̀ sí i, kì í sì í kú. Bí yìnyín bá ti yọ́ tán, á bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Iyọ̀ tí wọ́n ń fi sí wàrà náà kò tó láti pa á. Iná ló ń pa á.

Ìyá Oníwàrà, òótọ́ lẹ sọ nípa ìkòkò. Mílíìkì tó bá ti hó dáadáa, lìsítéríà inú rẹ̀ ti kú. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí wàrà lẹ́yìn tó ti kúrò lórí iná. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé e láti gáà dé ọjà. Wọ́n bù ú sínú ajere tí wọ́n lò lánàá, tí wọ́n kàn fi omi ṣàn. Wọ́n fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kó lè dì dáadáa. Wọ́n kó o sínú igbá tàbí báàfù, wọ́n bu omi wàrà lé e lórí, bí omi wàrà kò bá sì tó, omi kànga ni wọ́n fi ń kún un. Ó gun ọ̀kadà wọ ìlú. Ní ọjà, ẹ ní "ẹ fún mi ní ńlá yẹn", ìyá náà ki ọwọ́ bọ omi, ó mú un jáde, ọwọ́ kan náà ló fi gba owó yín, òun náà ló tún ki bọ̀ ọ́ fún ẹlòmíràn. Inú ilẹ̀, inú ìgbẹ́ ẹran àti ara koríko tó ń jẹrà ni kòkòrò yìí ń gbé, gbogbo rẹ̀ ló sì wà yíká gáà. Wàrà wá rọ̀, ó lómi nínú, kò kan. Kò sí ibùgbé tó dára fún kòkòrò tó bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, mi ò ní sọ fún aboyún Ògbómọ̀ṣọ́ pé wàrà di èèwọ̀. Wàrà tí kò tíì padà sórí iná kó tó dé ẹnu ni kó má jẹ.

Ọmọ_Sọ̀ún
Ẹ̀yin èèyàn, ẹ ń fi ohun tó le jù sílẹ̀. Bómubómu yẹn gan-an ni ìṣòro! Oje funfun tó ń jáde lára rẹ̀ lè fọ́ èèyàn lójú. Ìyá mi àgbà kì í jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́ ọn. Báwo ni aboyún á ṣe jẹ ohun tí wọ́n fi irú ewé bẹ́ẹ̀ ṣe? Àǹtí, kí lẹ rí sọ sí i?

Àǹtí_Agbẹ̀bí
Ọmọ Sọ̀ún, lóòótọ́ ni oje rẹ̀ burú fún ojú, kí ẹnikẹ́ni má sì mú un tútù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ oje ewé yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ kòkòrò tí Àdùnní béèrè, a ò sì ní fi èkíní dáhùn èkejì. Bí ọ̀rọ̀ bómubómu bá ká yín lára, ẹ ṣí ojú-ewé mìíràn fún un, a ó bá yín sọ ọ́ níbẹ̀.

Ìyá_Oníwàrà_Wàásó
Àǹtí, mo gbọ́ ohun tẹ́ ẹ sọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ èyí náà. Wàrà tí a ò bá tà tán, a kì í fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ di ọjọ́ kejì. Lálaalẹ́ la máa ń sè é padà nínú omi iyọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á ti kan kí ilẹ̀ tó mọ́. Ṣé ìyẹn kò pa kòkòrò ni?

Àǹtí_Agbẹ̀bí
Ó ń pa á, Màmá, bó bá hó dénú. Àṣà tó dára gan-an ni. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wàhálà tún ń bẹ̀rẹ̀: inú báàfù àná ni ẹ dà á padà sí, ọwọ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú rẹ̀. Sísè alẹ́ àná kò lè dáàbò bò ó lọ́wọ́ ọwọ́ òní. Èyí tó bá kúrò nínú epo gbígbóná yín tààrà sínú abọ́ oníbàárà, tí oníbàárà sì jẹ ẹ́ bó ṣe ń gbóná, kò sí ohun tí mo ní sọ sí ìyẹn.

Àmọ́ bí ẹ bá ń dín in, ẹ wo bí ẹyọ rẹ̀ ṣe tóbi tó. Mo ti ra wàrà díndín tí ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n dòdò, tí mo bù ú sí méjì tí àárín rẹ̀ ṣì tutù bí ìgbà tó jáde látinú omi. Epo tó gbóná jù á tètè dáná sí ẹ̀yìn, iná kò sì tíì dé inú. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn kéèyàn kọ́kọ́ sè é kó tó dín in.

Àdùnní_Aràdá
Ẹ ṣeun, Àǹtí. Ẹ bá mi sọ bí mo ṣe máa sè é gan-an. Mo ṣì ní ẹyọ mẹ́fà nílẹ̀, inú ike tí kò ní ìdérí ni mo kó wọn sí, ní pẹpẹ òkè nínú fíríìjì. Mo tún fẹ́ sọ pé iná kì í dúró lọ́dọ̀ wa o. Láti Ọjọ́bọ̀ yẹn, ó ń wá, ó ń lọ.

Àǹtí_Agbẹ̀bí
Bí iná bá ti ń wá tó ń lọ láti Ọjọ́bọ̀, tí òní sì jẹ́ Ọjọ́ Àìkú, Àdùnní, ẹ da ẹyọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà nù. Ẹ má wulẹ̀ sè é. Kòkòrò mìíràn tún wà tó máa ń wá láti ọwọ́ àti imú àwa èèyàn. Bí oúnjẹ bá wà nínú ooru fún wákàtí púpọ̀, kòkòrò náà á tu májèlé sínú rẹ̀, májèlé yẹn kì í sì í bá kòkòrò kú nígbà tí ẹ bá sè é. Ẹ lè sè é títí omi á fi gbẹ, kó ṣì mú yín bì tó nǹkan. Ẹ má sì sọ pé ẹ ó gbóòórùn rẹ̀ wò. Wàrà tó ní lìsítéríà lè máa ta sánsán bíi tuntun, àwọ̀ rẹ̀ kò ní yí, ẹnu kò sì ní mọ̀ ọ́n.

Tí ẹ bá tún ra òmíràn, bí èmi ṣe ń ṣe é nílé nìyí. Ọjọ́ tí mo bá rà á ni mo ń sè é. Mo á da omi tí wọ́n fi bù ú fún mi dànù, mo á gé e wẹ́wẹ́, kó má nípọn ju ìka méjì tí a pa pọ̀ lọ. Mo á kó o sínú omi tó bò ó mọ́lẹ̀, mo á fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, mo á gbé e kaná. Ìgbà tó bá ń hó dáadáa káàkiri ìkòkò ni mo ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo ń fún un, kì í ṣe látìgbà tí mo gbé e kaná o. Ohun tó ń pa kòkòrò náà ni kí àárín oúnjẹ gbóná dé bí ìwọ̀n 70 lórí òṣùwọ̀n sẹ́lísíọ́ọ̀sì, kó sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì. Omi tó ń hó ju ìyẹn lọ dáadáa, ṣùgbọ́n ooru rẹ̀ gbọ́dọ̀ ráyè dé inú wàrà. Mo á wá mú ẹyọ tó tóbi jù, mo á bù ú sí méjì. Bí oru bá ń yọ láàárín rẹ̀, tí kò ṣeé dì mú, ó ti tó. Ẹ lè wá dín in, ẹ lè jù ú sínú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ tàbí ọbẹ̀ ata.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í kà sí ni ọ̀bẹ àti pákó tí ẹ fi gé e kó tó wọ omi. Bí ẹ bá tún fi wọ́n gé tòmátì tí ẹ fẹ́ jẹ ní tútù, kí lẹ wá sè? Ọṣẹ àti omi gbígbóná ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ wọ́n. Ike tí kò ní ìdérí tẹ́ ẹ gbé sí pẹpẹ òkè yẹn náà kò dára, omi rẹ̀ á máa kán sórí ohun tó wà nísàlẹ̀. Ẹ kó gbogbo nǹkan kúrò nínú fíríìjì yẹn, ẹ fi omi ọṣẹ gbígbóná nu àwọn pẹpẹ rẹ̀ àti etí ilẹ̀kùn rẹ̀ níbi tí rọ́bà wà, kí ẹ sì nù ún gbẹ.

Ọmọ_Ògbómọ̀ṣọ́_ní_Jóòbọ̀
Ẹ kú ìjíròrò o. Gúúsù Áfíríkà ni mo ń gbé. Ẹ má fojú kékeré wo kòkòrò yìí. Ní 2017 wọ 2018, ó jà níbí débi pé èèyàn 1,060 ni àyẹ̀wò fi hàn pé ó mú, ènìyàn 216 sì kú nínú wọn. Ọmọ tuntun tí kò tíì pé oṣù kan ló pọ̀ jù lọ láàárín àwọn tó mú. Ó pẹ́ kí wọ́n tó rí orísun rẹ̀. Ní oṣù kẹta 2018 ni mínísítà ètò ìlera jáde pé ẹran lílọ̀ tí wọ́n ń pè ní pólónì ni, èyí tí àwọn èèyàn ń gé sáàárín búrẹ́dì. Ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti sè é, ó wà nínú ọ̀rá, ó wà nínú fíríìjì ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo ohun táwa èèyàn ń wò tí a fi ń sọ pé "èyí mọ́" ló wà lára rẹ̀.

Ọlámidé_T
Ohun tó bọ́gbọ́n mu ni pé kí Àdùnní lọ sí kẹ́míìsì, kó gba sípírò ọlọ́jọ́ márùn-ún, kó fi fọ inú nù kí kòkòrò náà tó gbilẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ló jẹ ẹ́, kò tíì pẹ́.

Àǹtí_Agbẹ̀bí
Rárá o, Ọlámidé. Sípírò kì í ṣe oògùn tí aboyún ń dá rà, kì í sì í ṣe òun ni wọ́n fi ń tọ́jú lìsítéríà. Ẹni tó jẹ oúnjẹ tó ṣeé ṣe kó ní kòkòrò yìí, tí ara rẹ̀ sì le koko, kì í mu oògùn kankan fún un, wọn kì í sì í yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń jẹ oúnjẹ tó ní in tí kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Kí Àdùnní máa ṣọ́ ara rẹ̀ ni.

Àdùnní, bí ẹ ṣe máa ṣọ́ ọ nìyí. Kì í sábà tètè fara hàn. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́rin kẹ́ ẹ tó rí nǹkan, nígbà mìíràn ó máa ń tó oṣù méjì àti díẹ̀. Nítorí náà, ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ jẹ ẹ́ sẹ́yìn káàdì àǹtínétà yín, kí ẹ má bàa gbàgbé. Bó bá mú aboyún, kì í wá pẹ̀lú ariwo. Ara gbígbóná ni, òtútù tó ń gbọ̀n èèyàn, ẹ̀yìn ríro, orí fífọ́, oríkèé dídùn. Inú lè ṣí díẹ̀. Àárín ọjọ́ bíi mélòó kan, ara ìyá lè ti yá padà, kòkòrò náà á sì ti gba inú ibi ọmọ kọjá sára ọmọ. Oyún lè wálẹ̀, ọmọ lè kú sínú, wọ́n lè bí i láìtọ́jọ́, tàbí kí wọ́n bí i tán kí àìsàn ọpọlọ mú un. Ìyẹn ló jẹ́ kí ibà kékeré tó dà bíi pé kò tó nǹkan di ohun tí a kì í fi jáfara lára aboyún.

Àbẹ̀kẹ́_Ọ̀yọ́
Mo ti ka ọ̀rọ̀ yìí, ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́. Oyún mi kejì wọ oṣù keje nígbà tí ara mi gbóná. Mo lọ sí ilé ìwòsàn kan, wọ́n ní ibà àti táífọ́ọ̀dù ni, wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́, wọ́n fún mi ní oògùn ibà, ara mi sì yá. Lẹ́yìn rẹ̀ mo ṣàkíyèsí pé ọmọ kò ta mọ́. Nígbà tí mo máa fi padà dé ibẹ̀, ó ti bọ́. Wọn ò sọ ohun tó fà á fún mi. Mo máa ń mu fúrà àti nọ́nọ̀ gan-an nínú oyún yẹn, torí òun nìkan ló ń dúró nínú mi. Àǹtí, ṣé òun ni?

Àǹtí_Agbẹ̀bí
Àbẹ̀kẹ́, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú àmójúkúrò. Ọlọ́run á fi ọmọ tí kò ní í kú rọ́pò. Mi ò lè sọ pé òun ni, ẹnikẹ́ni kò sì lè jókòó síbí sọ bẹ́ẹ̀. Ibà gan-an lè pa ọmọ sínú, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀jẹ̀ ríru àti àwọn nǹkan mìíràn. Ohun tí ì bá sọ ọ́ ni kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ yín sínú ìgò kí wọ́n tó gún yín lábẹ́rẹ́, kí wọ́n fi sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ láti wo kòkòrò tó máa hù nínú rẹ̀, tàbí kí wọ́n yẹ ibi ọmọ wò. Bí kò bá sí ìyẹn, kò sí ẹni tó lè mọ̀ ọ́n mọ́. Ẹ má sì di ẹ̀bi ru ara yín nítorí ife nọ́nọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n lo ọ̀rọ̀ yín kọ́ àwọn tó ń kà á. Àyẹ̀wò táífọ́ọ̀dù oníṣẹ́jú díẹ̀ tí gbogbo ilé àyẹ̀wò ń ṣe, èyí tí wọ́n ń pè ní wídà, kò lè fi lìsítéríà hàn, bẹ́ẹ̀ ló sì máa ń sọ pé táífọ́ọ̀dù wà níbi tí kò sí. Abẹ́rẹ́ tó wọ́pọ̀ jù tí wọ́n ń gún fún táífọ́ọ̀dù nísinsìnyí ni sẹfitiráísónì. Abẹ́rẹ́ tó lágbára ni, ṣùgbọ́n kì í ran lìsítéríà. Anpisílìn ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀ fún aboyún, láti inú iṣan, ní ilé ìwòsàn, ó sì dára fún oyún. Ẹ rí i pé èèyàn lè gba abẹ́rẹ́ olówó gọbọi kó má kan kòkòrò tó ń bá a jà.

Nítorí náà, aboyún tí ara rẹ̀ bá gbóná dé 38, kó má dúró dọ̀la. Kí wọ́n yẹ ibà wò, torí ibà ló pọ̀ jù níbí, bó bá sì jẹ́ ibà, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àyẹ̀wò ibà bá ní kò sí, ẹ má gbà kí wọ́n kàn pè é ní táífọ́ọ̀dù kí wọ́n sì dá yín padà sílé. Ẹ ṣí ẹnu sọ ọ́: "Mo jẹ wàrà tí a kò sè ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn." Dókítà kò lè ronú kan ohun tí kò gbọ́. Àwọn ilé ìwòsàn ńlá, bíi ti Bowen àti ti LAUTECH níbí, ni kẹ́ ẹ ti béèrè àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ inú ìgò yẹn.

Bàbá_Táyé
Ẹ ṣé, Àǹtí, mo ti kẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n nọ́nọ̀ tí Àbẹ̀kẹ́ dárúkọ yẹn, ó kan o. Ohun tó bá ti kan, ṣé kòkòrò ń gbé inú rẹ̀?

Dókítà_Màlúù
Ẹ jẹ́ kí n gba ìyẹn dáhùn, torí ọ̀dọ̀ ẹran ni iṣẹ́ mi wà. Kíkan máa ń dẹ́kun bíbí kòkòrò, kì í sábà pa gbogbo èyí tó ti wà níbẹ̀. Nọ́nọ̀ òní kò kan tó ti àná, oníkálukú ló sì ní bí tirẹ̀ ṣe ń kan. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín òun àti wàrà ni pé wàrà rí iná lẹ́ẹ̀kan, nọ́nọ̀ sì sábà máa ń wá láti ọmú màlúù sínú igbá láìrí iná rárá. Ká ní kí n yan èyí tí aboyún máa kọ́kọ́ fi sílẹ̀, nọ́nọ̀ ni mo máa yàn ṣáájú wàrà.

Kì í sì í ṣe lìsítéríà nìkan. Àrùn kan wà tó ń mú kí oyún màlúù máa wálẹ̀, à ń pè é ní burusẹlósíìsì. Ó wà nínú agbo ẹran wa. Ó ń gba inú mílíìkì tútù mú èèyàn, ibà rẹ̀ máa ń lọ tó máa ń bọ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, òun náà sì lè ba oyún obìnrin jẹ́. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ti màlúù náà ń gba ibẹ̀. Ẹ má sì wo ara màlúù. Mo ti yẹ màlúù tó sanra, tí irun rẹ̀ ń dán, tí àrùn wà nínú mílíìkì rẹ̀.

Bí fúrà bá ń wu aboyún, kí wọ́n ra mílíìkì tútù, kí wọ́n sè é kó ru sókè, kó hó, kí wọ́n wá jẹ́ kó tutù kí wọ́n tó fi ìpìlẹ̀ sí i kó kan nílé wọn. Ìpìlẹ̀ yẹn gan-an kò gbọdọ̀ jẹ́ nọ́nọ̀ ọjà o, torí wọ́n á tún da kòkòrò padà sínú ohun tí wọ́n sè. Yọ́gọ́ọ̀tì ilé iṣẹ́ tí wọ́n fi mílíìkì sísè ṣe, síbí kan tàbí méjì, ló dára. Mílíìkì agolo àti mílíìkì lẹ́búlẹ́bú kò ní wàhálà yìí, bí omi tẹ́ ẹ fi pò ó bá ti mọ́.

Ìyá_Oníwàrà_Wàásó
Dókítà, ẹ ò lè ní kí àwọn Fúlàní máa se nọ́nọ̀. Wọ́n á ní ó ti yí adùn padà, àwọn oníbàárà wọn náà á sì sọ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ wọ́n.

Dókítà_Màlúù
Mo mọ̀, Màmá. Ó máa ń yí adùn padà díẹ̀ lóòótọ́, ibẹ̀ la sì ń bá wọn fà á sí. Àwọn kan ti gbà, àwọn kan kò gbà. Títí tí wọ́n á fi gbà, aboyún ni kó se tirẹ̀.

Túndé_Sábó
Ẹ jọ̀ọ́ o, ìyàwó mi lóyún, sùyà ni kò jẹ́ kí n sinmi. Alaalẹ́ ló ń rán mi. Ṣé sùyà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí? Orí iná náà ló ṣáà ti wá.

Àǹtí_Agbẹ̀bí
Ó wà níbẹ̀, Túndé. Sùyà tí mállàmù ti sun láti ìrọ̀lẹ́ tó tò yíká iná kò gbóná tó láti máa pa kòkòrò, ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni. Bó bá sì gé e tán, yájì tútù ló ń wọ́n sí i, àlùbọ́sà, kábéèjì àti tòmátì tí kò rí iná ló ń kó lé e, ọ̀bẹ tó fi gé ẹran tútù sì lè jẹ́ òun náà. Ẹ ní kó dá ẹran yín padà sórí iná lójú yín títí tí kò fi ní sí pupa nínú rẹ̀, ẹ má gba àlùbọ́sà àti kábéèjì, ẹ gba yájì lọ́tọ̀. Bí ẹ bá délé, ẹ da ẹran àti yájì pọ̀ sínú agbada lórí iná títí á fi máa rú oru. Inú ẹran tí kò jinná ni kòkòrò mìíràn tún wà, tọkisopílásímà, tó ń ba ojú àti ọpọlọ ọmọ inú jẹ́. Ológbò náà ń yà á sínú ìgbẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ní ológbò nílé, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ máa kó ìgbẹ́ rẹ̀, kì í ṣe ìyàwó yín.

Sáláádì òde ìnáwó ńkọ́? Kó fi sílẹ̀. Wọ́n ti gé e láti òwúrọ̀, ẹ ò sì mọ omi tí wọ́n fi fọ̀ ọ́.

Àdùnní_Aràdá
Mo ti da wàrà náà nù, mo sì ti fọ fíríìjì. Mo ti kọ ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn sẹ́yìn káàdì mi. Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹyọ kan ló kù: wàrà sóyà tí wọ́n ń dín ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwé, ṣé òun náà wà lára rẹ̀? Kò sí mílíìkì màlúù nínú rẹ̀.

Àǹtí_Agbẹ̀bí
Ó wà lára rẹ̀ ní ìdajì. Àrùn tó ń ti ara màlúù wá kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó rọ̀, ó lómi, wọ́n sì ń fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn sísè bíi ti wàrà. Èyí tó ń jáde látinú epo lójú yín, tí àárín rẹ̀ gbóná, ẹ jẹ ẹ́. Èyí tí wọ́n ti dín sílẹ̀ sínú gíláàsì láti àárọ̀, tàbí tí wọ́n fi igi gún pẹ̀lú àlùbọ́sà tútù, ẹ gbé e délé kẹ́ ẹ tún un gbóná dénú, tàbí kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Ìyá_Oníwàrà_Wàásó
Àdùnní, bí o bá ń bọ̀ ní ọjà Wàásó, béèrè mi ní ìsọ̀ àwọn oníwàrà. Kékeré ni màá gé tìrẹ, màá kọ́kọ́ sè é lójú rẹ kí n tó dín in.